Okùn Kan, Ilẹ̀ Méjì

Ní ọdún 1987, Solange Ọlọ́runlékè ń kọ́ àwọn ọmọ CM1, ìyẹn ọdún karùn-ún, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Williamsville, ní ìlú Abidjan. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Abidjan ni wọ́n sì bí i sí. Ó ti yege nínú ìdánwò àkọsílẹ̀ tí olùkọ́ ń ṣe. Ohun tó kù kó tó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ni kí ìnsípẹ́tọ̀ wá jókòó sí kíláàsì rẹ̀, kó wo bó ṣe ń kọ́ni.

Ìnsípẹ́tọ̀ ti wá lọ́dún tó ṣáájú. Ẹ̀rù ba Solange lọ́jọ́ náà, ó ń ka ohun tó ti kọ sílẹ̀ láì gbójú sókè, àwọn ọmọ sì ń wò ó bí ẹni ń wo òjò. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Láti ìgbà náà ló ti sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá tún kùnà, òun á fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun á lọ bá Màmá òun nídìí aṣọ tó ń tà ní ọjà Adjamé.

Ìṣirò ilẹ̀ ló yàn fún ọjọ́ tí ìnsípẹ́tọ̀ máa padà wá: báwo la ṣe ń mọ gígùn àyíká ilẹ̀, báwo la sì ṣe ń mọ bí inú rẹ̀ ṣe tó. Ó ya àwòrán oko sórí ìwé kan, ó kọ ìbéèrè mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, Mùsé Séraphin, dírẹ́tọ̀ ilé-ìwé, sì bá a tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo kíláàsì.

Ìbéèrè kìíní: Oko Oumarou gùn ní ọgọ́ta mítà, ó fẹ̀ ní ogójì. Ẹ wá gígùn àyíká rẹ̀, kí ẹ sì wá bí inú rẹ̀ ṣe tó.

Ìbéèrè kejì: Oumarou fẹ́ fi wáyà yí oko náà ká, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi ẹnu ọ̀nà mítà mẹ́rin sílẹ̀. Mítà wáyà mélòó ni yóò rà?

Ìbéèrè kẹta: Oko Ṣẹ̀rífù, aládùúgbò rẹ̀, gùn ní àádọ́rùn-ún mítà, ó fẹ̀ ní mẹ́wàá. Ṣẹ̀rífù ní kí àwọn pààrọ̀ oko. Ṣé kí Oumarou gbà?

Ìnsípẹ́tọ̀ dé láàárọ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, Mùsé Séraphin jókòó tì í. Solange pín ìwé. Ìbéèrè kìíní lọ dáadáa. Àwọn ọmọ ro ọgọ́ta àti ogójì pọ̀, wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó jẹ́ igba mítà. Wọ́n ṣe ọgọ́ta lọ́nà ogójì, inú oko sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì àti irínwó mítà onígun mẹ́rin. Ìbéèrè kejì náà lọ: wọ́n yọ ẹnu ọ̀nà kúrò nínú igba, ó ku mítà mẹ́rìndínnígba.

Nígbà tó kan ìbéèrè kẹta, àwọn ọmọ rí i pé àyíká oko Ṣẹ̀rífù náà jẹ́ igba mítà. Ni gbogbo kíláàsì bá nawọ́ pé kí Oumarou gbà, ọgbọọgba ni.

“Ṣé gbogbo yín lẹ gbà bẹ́ẹ̀?” ni Solange bi wọ́n.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ràmílátù dìde. Nílé, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n Faransé ló máa ń sọ bó bá ti dé ilé-ìwé. Ojú rẹ̀ fà ro.

“Màdáàmù, mo ṣìṣe níbì kan. Mo ṣírò inú oko Ṣẹ̀rífù, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni mo rí. Ti Oumarou sì ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ.”

“Kí ló mú ọ rò pé o ṣìṣe?”

“Wáyà kan náà ló yí àwọn méjèèjì ká. Báwo ni ti ẹnì kan á ṣe ju ti ẹnì kejì?”

Àwọn ọmọ yòókù ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Solange wo ìwé tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé kí wọ́n ṣírò, kí wọ́n fi èsì wéra, kó parí. Ọmọ yìí ti ṣírò, èsì rẹ̀ tọ̀nà, kò sì gbà á gbọ́. Ó rí i pé bí òun bá kàn ní “bó ṣe rí nìyẹn,” àwọn ọmọ náà á kàn máa wo òun bíi ti àwọn ọmọ èṣí.

Ó yíjú sí ẹ̀yìn kíláàsì. “Mùsé ìnsípẹ́tọ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kó wọn jáde sí àgbàlá.”

“Kíláàsì yín ni, Màdáàmù,” ni ọkùnrin náà wí.

Nínú yàrá tí wọ́n ń kó irin iṣẹ́ ọgbà sí, Solange rí okùn tí wọ́n fi ń to ẹbè. Ó fi rúlà gígùn tó ń lò lójú pátákó wọ̀n ogún mítà, ó so orí rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ó ní kí ọmọ mẹ́rin dúró sí igun, kí wọ́n na okùn náà di mítà mẹ́fà ní gígùn, mẹ́rin ní fífẹ̀. Ó wá fi igi fa ilà sórí iyẹ̀pẹ̀ lóròó àti níbùú, mítà kan sí mítà kan, ó di ojú kéékèèké onígun mẹ́rin.

“Oko Oumarou rèé, a kàn sọ ọ́ di kékeré, mítà kan dúró fún mẹ́wàá. Ẹnì kan ní ojú kan. Ẹ wọlé.”

Àwọn ọmọ wọlé. Mẹ́rìnlélógún ni àyè gbà, Ràmílátù wà lára wọn.

“Ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ di igun mú, ẹ sọ ọ́ di oko Ṣẹ̀rífù. Mítà mẹ́sàn-án ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀. Ẹ má ṣe tú okùn o.”

Wọ́n na okùn náà, oko wá di tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Solange tún ilà fà. Ọmọ mẹ́sàn-án tò síbẹ̀, àyè tán. Àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù dúró síta nínú oòrùn, wọ́n ń wo ara wọn, Ràmílátù sì wà láàárín wọn.

Ó wo okùn náà títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. “Okùn ò yí padà,” ló wí. “Àwa la ò ríbi dúró sí.”

“Nítorí náà, ṣé o ṣìṣe?”

“Rárá, Màdáàmù. Ojú kọ̀ọ̀kan dúró fún ọgọ́rùn-ún mítà onígun mẹ́rin. Mẹ́sàn-án jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Kí Oumarou má gbà.”

Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ní àwọn fẹ́ dán an wò bóyá okùn náà lè gbà ju mẹ́rìnlélógún lọ. Wọ́n nà án ní mítà márùn-ún lọ́nà gbogbo. Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wọlé. Kò sẹ́ni tó rántí pé ìnsípẹ́tọ̀ wà níbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, Solange jókòó níta ọ́fíìsì dírẹ́tọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ti kún bàtà rẹ̀. Ó ń ro gbogbo ohun tí kò tẹ̀ lé nínú ètò tó kọ, àti pé ó ti kọjá àkókò. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, ìnsípẹ́tọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí kò dára: pátákó rẹ̀ kò wà létòlétò, kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ àkọsílẹ̀ kankan ní ìparí ẹ̀kọ́. Solange tẹ orí ba.

“Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yẹn ń bi yín yé yín,” ni ọkùnrin náà wí. “Ẹ ti yege, Màdáàmù.”

Mùsé Séraphin ló bá a dúpẹ́. Nígbà tí Solange jáde, ó fara ti ògiri, ó mí kanlẹ̀, èjìká rẹ̀ sì wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Adjamé. Màmá rẹ̀, Antoinette, ń ká aṣọ fún oníbàárà kan. Ó gbójú sókè, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rí i pé ó ti yege. Ó ní kí oníbàárà fara balẹ̀ díẹ̀, ó sún lórí àga rẹ̀, Solange sì jókòó tì í.