Àádọ́rùn-ún Ọjọ́ tí Mo Fi Jà

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ àwọn agbẹ̀bí da fọ́ọ̀mù mi padà sórí tábìlì. Ó ní mi ò lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan láti ọdún mẹ́ta, wọn ò sì lè tún láísẹ́ǹsì mi ṣe.

"Orúkọ yín ò sí nínú rẹ́jísítà, Mà."

"Ta ló ń tọ́jú rẹ́jísítà náà?"

Ó yẹ ojú ìwé wò. "Ẹ̀yin ni, Mà."

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà! Oṣooṣù ni mo máa ń gbé rẹ́jísítà yípo kíláàsì kí wọ́n kọ orúkọ, tí màá gbà á, tí màá tì í mọ́ àpótí. Ta ni olùkọ́ tí í ka ara rẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́? Àṣé fọ́ọ̀mù olùkọ́ wà tí ọ̀gá ilé ìwòsàn yóò fọwọ́ sí. Mi ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, mi ò sì béèrè, torí èmi làwọn èèyàn máa ń bi léèrè.

"Láísẹ́ǹsì yín ti kú lọ́jọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn," ló ní. "Àádọ́rùn-ún ọjọ́ àánú wà. Tẹ́ ẹ bá mú fọ́ọ̀mù yẹn wá kó tó pé, ẹ ò ní ṣèdánwò. Àmọ́ àánú ìwé ni o, kì í ṣe ti iṣẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ gbẹ̀bí kankan títí a ó fi tún un ṣe."

Ọmọbìnrin mi wà nínú oyún oṣù márùn-ún nígbà náà. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni mo ti ṣèlérí pé ọwọ́ mi ni àkọ́bí rẹ̀ yóò bọ́ sí.

Ẹni tó gbọ́n ì bá gba fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ yẹn. Èmi lọ kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin. Wọ́n ní kí n mú fọ́ọ̀mù wá. Mo tún kọ òmíràn, mo fi bú wọn díẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ mi ń wí, "ẹ ṣáà kọ nǹkan tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ."

"Kí n máa tọrọ ẹ̀rí pé mo mọ iṣẹ́? Ó tì o!"

Nígbà tí inú mi rọ̀, mo mú fọ́ọ̀mù lọ lọ́jọ́ kọkànlélọ́gọ́rin. Akọ̀wé ní ọjọ́ kejìléláàádọ́rùn-ún ni. Mo ń kà á láti ọjọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀, òun ń kà á láti ọjọ́ tí láísẹ́ǹsì kú.

"Ọjọ́ méjì péré!"

"Ọjọ́ méjì náà ni, Mà. Ó ti di ìdánwò: ti ìwé àti ti ọwọ́."

Mo yege ti ìwé. Fún ti ọwọ́, olùdánwò nawọ́ sí bèbí oníke kan tó dùbúlẹ̀ bí abiyamọ. Ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ẹ̀jẹ̀ ń ya. Mo fọwọ́ ra ilé ọmọ, mo gún un ní abẹ́rẹ́, mo fa omi sí i lára, mo fi rọ́bà fa ìtọ̀ rẹ̀ jáde, mo yẹ ibi ọmọ wò.

"Ẹ ò yege," ni olùdánwò wí. "Ẹ ò pe ẹnikẹ́ni. Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èmi ni wọ́n ń pè!"

"Mo gbọ́, Mà. Ẹ ó tún apá yìí nìkan ṣe lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́."

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ọgbọ̀n ọjọ́ náà pé nígbà tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Nínú wọ́ọ̀dù tèmi gan-an, orí àga àlejò ni mo jókòó sí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́, agbẹ̀bí tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, ló gba ọmọ náà. Obìnrin ni. Inú bí mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ dé. Mo dìde. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti fọwọ́ kan ra ilé ọmọ, ó sì figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀jẹ̀!" Àwọn méjì sáré wọlé. Ọ̀kan gún abẹ́rẹ́, èkejì ń wá iṣan. Wọ́n ní kí n sún sẹ́yìn, mo sì sún. Ọwọ́ mẹ́fà ló wà lára ọmọ mi kí ẹ̀jẹ̀ náà tó dá.

"Màámi, ó ti tán. Kí lẹ wá ń sunkún sí?"

Ká ní èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀, ǹ bá má pe ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ ìdánwò kejì, olùdánwò ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo fi kígbe. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà já ilẹ̀kùn wọlé, bàtà kan lọ́wọ́, ó ń béèrè ẹni tó ń kú.

"Ẹ dúró síbẹ̀," ni mo sọ fún un. "Mo nílò yín."