Dígírì Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Ní gbogbo Sama Road, ní Sokoto, kò sẹ́ni tó lè sọ pé aṣọ tí Bùsírátù aránṣọ rán gùn lápá kan ju èkejì lọ. Ìdí nìyí tó fi ká a lára nígbà tí aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, Fathiat, ọmọ ọdún méjìlá, ń wọ́lẹ̀ lápá òsì. Ó tú etí aṣọ náà, ó tún un rán. Nígbà tó tún rí bẹ́ẹ̀, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó wọ̀n ọ́n. Aṣọ gún régé. Ara ọmọ ni kò gún.

Ó ní kí Fathiat bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbálẹ̀. Ìhà ọ̀tún yọ sókè lẹ́yìn, ti òsì wà nílẹ̀.

“Báàgì ìwé ni,” ni Kàmál bàbá rẹ̀ wí. “Èjìká kan ló fi ń gbé e.”

Wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀ níbì kan nítòsí ilé. Wọ́n ní ẹ̀yìn yà ní dígírì méjìlélógún, kí wọ́n kàn máa wò ó. Ọkàn wọn balẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, aṣọ tún wọ́lẹ̀, Bùsírátù bá mú ọmọ lọ bá Dókítà Suwaibat, oníṣẹ́ abẹ egungun ní ọsibítù ńlá.

Dókítà gbé fọ́tò náà sí iwájú iná. “Ọmọ dùbúlẹ̀ nígbà tí wọ́n ya èyí. Ẹ̀yìn máa ń nà díẹ̀ téèyàn bá dùbúlẹ̀. Ìdúró la fi ń yà á.”

Wọ́n tún un yà lórí ìdúró. Dókítà wá egungun tó dagun jù lókè ibi tó yà, ó fa ìlà sí orí rẹ̀. Ó wá èyí tó dagun jù nísàlẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Igun tó wà láàárín ìlà méjèèjì jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Iṣẹ́ ìwọ̀n ni Bùsírátù ń jẹ. “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà wọ̀n ọ́n.” Ó yọ irinṣẹ́ tí Fathiat fi ń wọn igun ní ilé-ìwé nínú báàgì, ó fa ìlà tirẹ̀. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó wo dókítà bí ẹni mú olè.

Dókítà rẹ́rìn-ín. “To, ó dáa, Hajiya. Ọwọ́ méjì kì í fa ìlà kan náà. Ìyàtọ̀ dígírì márùn-ún lè jẹ́ ti ọwọ́ lásán. Méjèèjì ṣì kọjá márùndínlọ́gbọ̀n, ibẹ̀ sì ni bíréèsì, ike tí wọ́n ń dè mọ́ ara kí ẹ̀yìn má bàa yà sí i, ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tó ṣì ń dàgbà.” Fathiat kò tíì máa rí nǹkan oṣù rẹ̀, egungun tuntun kò sì tíì yọ lórí ìbàdí rẹ̀ nínú fọ́tò, ìdàgbà ṣì kù rẹpẹtẹ.

“Tí a kò bá wọ̀ ọ́ fún un ńkọ́?” ni Bùsírátù bi í.

“Ó lè máa yà sí i. Tó bá ń sún mọ́ àádọ́ta, iṣẹ́ abẹ là ń sọ, torí irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ lè máa yà lọ kódà lẹ́yìn tí ọmọ bá dàgbà tán. Bíréèsì kì í sọ ọ́ di títọ́ o. Ó ń dá a dúró ni.”

“Ṣé báàgì ló fà á?” ni Fathiat bi í.

“Rárá. Ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó fà á. Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́.”

Fathiat ní kí wọ́n sọ ọ́ fún Dádì òun lórí fóònù pé báàgì kọ́. Wọ́n sọ ọ́.

Mamman, tó ń ṣe bíréèsì, mú ìwọ̀n ara rẹ̀, ó sì ṣe ti ike líle fún un. Wákàtí méjìdínlógún lójúmọ́, nínú ooru Sokoto. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru sú sí Fathiat lára, ó sunkún, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn àpótí. Bùsírátù kò bá a jà. Ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó rán síńgílẹ́ẹ̀tì òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́fà tí kò ní ojú ìrán níbi tí ike ti ń tẹ ara. Nígbà tí Mamman rí i, ó ní kó rán ogún fún àwọn ọmọ mìíràn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, fọ́tò ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bùsírátù fi ìka tọ́ nọ́ńbà náà. Ó ní, “Ó ti lọ sókè.”

“Ẹ gbàgbé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tiyín?” ni dókítà wí. “Ìyàtọ̀ méjì kò tó nǹkan. Ó dúró.”

Ó dúró lóòótọ́. Ní ọdún kẹta, Fathiat ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, kò sì ga sí i mọ́. Ìwọ̀n jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Dókítà ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í dín wákàtí bíréèsì kù díẹ̀díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe jáde, Fathiat ní ebi ń pa òun. Wọ́n ra ìrèké lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ sílé.