Ibi Tí Orin Mi Ti Já Wálẹ̀

Ẹnu mi tóbi, èmi náà mọ̀. Ìdí mi náà tóbi, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì kó mi sí wàhálà rí, àfi ọjọ́ tó fọ́ àga oníhun. Ẹnu ni tèmi.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ télọ̀ ń ṣẹ́ etí aṣọ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fóònù ṣe, tú ọ̀kan ká sórí tábìlì. Èmi na ẹsẹ̀ síwájú bí ọba, mo ń yangàn pé kò sí orin tí n kò lè dá mọ̀.

"Kódà kí ẹ fi ṣíbí lù ú létí ife," mo ní, "màá dárúkọ rẹ̀ kí ẹ tó dé ìdajì."

Ọmọ-ọmọ mi, tí a ń pè ní Àdàbà torí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, gbọ́ ọ. Ó sáré wọ yàrá, ó gbé dùùrù ìṣeré rẹ̀ jáde. Oníke ni. Àwọn bọ́tìnì funfun nìkan ló ń dún. Àwọn dúdú, ọ̀dà lásán ni. Ohùn rẹ̀ kì í fà, kì í gbọ̀n. O tẹ̀ ẹ́, ó ní "tín," ó dákẹ́.

"Màmá àgbà, mo ti ń kọ́ orin kan nítorí yín. Ẹ sọ èyí tó jẹ́."

Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ó yọ ahọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Tín, tín, tín, tín. Ó ga fíofío bí ohùn ẹ̀fọn. Kò sí gígùn, kò sí kúkúrú, gbogbo ẹ̀ dọ́gba bí ìgbà tí èèyàn ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Tó bá ń wá bọ́tìnì, a dúró níbi tí kò yẹ. Lápá kẹta, ohùn náà já wálẹ̀ lójijì bí ẹni tó ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àkàbà.

"Orin ìgbéyàwó ni?"

Ó mi orí.

"Orin àwọn oníbọ́ọ̀lù?"

"Rárá o! Ẹ fetí sí i dáadáa." Ó tún un tẹ̀.

Ẹnu mi bá gbéra. "Ewúrẹ́ ló ń gba orí abọ́ kọjá ni? Ibi tó ti já wálẹ̀ yẹn, ó yẹ kí wọ́n fi ọlọ́pàá mú ẹni tó kọ ọ́!"

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn mi fi ń jó. Àdàbà gbé dùùrù rẹ̀, ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ǹ bá mọ ohun tí màá ṣe.

Télọ̀ dá ẹ̀rọ dúró. "Màmá, ṣé lóòótọ́ lẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"N ò mọ̀ ọ́n."

Kò kọrin. Ó kàn fi ìka lu tábìlì: gígùn, kúkúrú, kúkúrú, gígùn. Ó tún un lù. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì fúnra rẹ̀, apá mi ká bí ìgbà tí mo bá gbé ọmọ. Apá mi mọ̀ ọ́n kí etí mi tó mọ̀ ọ́n. Orin tí mo fi ń rẹ Àdàbà sùn ni.

"Ṣùgbọ́n kò jọ ọ́!" mo ní. "Tèmi kì í ga tó yẹn."

Àna mi ò gbójú sókè. "Màmá, tó bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ohùn kan á bọ́ sórí bọ́tìnì dúdú, ìyẹn ò sì ń dún. Ó wá ibi tí funfun nìkan á ti tó o, òkè ló ti rí i. Kò sí ibi téèyàn ò ti lè bẹ̀rẹ̀ orin. Bí àlàfo láti ohùn kan sí èkejì ò bá ti yí, orin náà ni."

"Ibi tó ti já wálẹ̀ wá ńkọ́?"

Wọ́n wo ara wọn. Mo mọ irú ìwò yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wo ẹni tí aṣọ rẹ̀ ká sókè lẹ́yìn, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀.

"Ẹ kọ ọ́," télọ̀ ní.

Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo dé apá kẹta, mo gbọ́ ara mi. Ìyá mi tó kọ́ mi ní orin náà máa ń gbé e gòkè níbẹ̀. Ohùn tèmi ò dé òkè yẹn, ńṣe ló já wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú orin àti bí mo ṣe máa ń gbọn ohùn ló ti ń bò ó mọ́lẹ̀. Dùùrù oníke kò ní ọ̀rọ̀, kò ní aṣọ kankan tó máa dà bò mí. Ọmọ yẹn tẹ̀ mí gẹ́lẹ́ bí mo ṣe rí, mo sì ní kí ọlọ́pàá wá mú mi.

"Ẹ ti mọ̀ tipẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ ọ́ fún èmi náà, Màmá. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ni mo tó mọ̀."

Mo dìde. Àga bá mi dìde, ó há mọ́ mi nídìí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo já a kúrò, mo lọ kan ilẹ̀kùn.

"Àdàbà mi, orin oorun wa ni. Jọ̀ọ́, tẹ̀ ẹ́ kí n bá ẹ kọ ọ́."

"Mo ti tún un ṣe, Màmá àgbà."

Ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó tẹ̀ ẹ́, mo sì ń bá a kọ ọ́ lọ. Lápá kẹta, dùùrù gòkè, ohùn mi já wálẹ̀. Ó gbé ìka kúrò, ó wò mí.

"Ẹ̀yin lẹ ní kò dáa," ó ní, jẹ́jẹ́.

"Òmùgọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Dá a padà sí bó ṣe wà."

"Rárá. Èyí ló dùn jù."

Ó sì dùn jù lóòótọ́. Mo wá ẹ̀rín kiri nínú ikùn mi, bó ṣe tóbi tó, n kò rí ẹyọ kan.

"Ó dáa," mo ní. "Kọ́ mi."

Ó tẹ bọ́tìnì òkè náà, tín, ó sì dúró dè mí.