Ẹ̀yìn Ìwé Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá ọkọ Aránṣọ fi wọlé lọ́jọ́ tó dé, báàgì lọ́wọ́ ọ̀tún, ike gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ òsì. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ohunkóhun tó bá sì ṣe pàtàkì lójú rẹ̀, ògiri ló máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọkọ Aránṣọ, tó ń wa tírélà, ti kúrò nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó di ọjọ́ kẹsàn-án kó tó padà.

Kí ọjọ́ náà tó ṣú, Màmá ti rí ìwé tí nọ́ọ̀sì kọ fún ìyàwó lórí tábìlì. Ó kà á, àyà rẹ̀ já. Ó fi gọ́ọ̀mù pa ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn á ti máa rí i.

"Ẹ̀yin Màmá," ni Aránṣọ wí, "ìwé yẹn lẹ́yìn o. Nọ́ọ̀sì ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀."

"Ẹ̀yìn wo? Ògiri ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ò tó ẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú dẹ́rù ba ènìyàn lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ pé bí ìyá bá lo oògùn yìí títí dé ìgbà ìbímọ, ara ọmọ lè máa gbọ̀n fún ọjọ́ díẹ̀, ó lè máa sùn jù, nítorí náà kí wọ́n bímọ sí ilé ìwòsàn níbi tí wọn yóò ti ṣọ́ ọ. Pé ṣúgà ìyá lè ga, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Pé oògùn díẹ̀ á gba inú wàrà kọjá, àmọ́ ìyá lè fọ́mọ lọ́mú, kó máa kíyè sí i bóyá ọmọ ń mu dáadáa. Màmá kò ka "díẹ̀", kò ka "àmọ́". Ara ọmọ á gbọ̀n, oògùn á wà nínú wàrà: ohun tó kà nìyẹn. Ó kó sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn náà sínú báàgì rẹ̀, ó sì ti síìpù rẹ̀.

Aránṣọ mọ ohun tó wà lẹ́yìn. Òun àti ọkọ rẹ̀ jọ jókòó níwájú nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì kò fi nǹkan kan pa mọ́. Oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀, èyí tó lè ba ọpọlọ àti eegun ẹ̀yìn ọmọ jẹ́ nínú oyún, dókítà ti yí i padà ní ọdún kan kí oyún tó dé. Tuntun yìí, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ṣe fi hàn di báyìí, kò jọ pé ó ń sọ ọmọ di aláàbọ̀ ara. "Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lójijì ńkọ́?" Nọ́ọ̀sì bi ara rẹ̀ léèrè, ó sì dáhùn. "Àìsàn náà á fẹ́ padà wá. Ó máa ń padà sára ohun tó ju ìdajì àwọn tó bá dá oògùn dúró, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ló sì burú jù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá." Ó ní kí Aránṣọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àmì àìsàn rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Ó kọ ọ́.

Ta ló tún nílò kí nọ́ọ̀sì sọ fún un? Nígbà oyún àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló da oògùn nù nítorí ìfẹ́ ọmọ. Ọjọ́ kẹta tó bímọ, orí rẹ̀ dàrú. Kò mọ ẹni tí ọmọ náà jẹ́ mọ́. Oṣù méjì ló lò nílé ìwòsàn. Màmá ló gbé ọmọ, Màmá ló sì tọ́ ọ dòní nílé tirẹ̀; aládùúgbò ló ń bá a ṣọ́ ọ báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni báyìí, ìyá-bàbá rẹ̀ ló ń pè ní Màmá. Àǹtí ló ń pe Aránṣọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn ún wọra lójoojúmọ́ ayé.

Ìdí nìyẹn tí kò fi lè jà. Bó bá pariwo, wọ́n á ní wèrè ti dé. Bó bá dákẹ́, oògùn wà nínú báàgì. Bó bá tú báàgì àgbà, wèrè àti olè ló dà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì gba ọmọ kejì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jáde nínú rẹ̀. Ó pe fóònù nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì láti inú ilé ìwẹ̀, fóònù ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó pe ọkọ rẹ̀. "Ṣe sùúrù," lọkọ wí láàárín ariwo ọkọ̀, "kí n dé ná. Màmá ò lè fẹ́ ibi fún wa." Sùúrù! Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó máa rìn.

Oorun ló kọ́kọ́ dá lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá gágá. Ó fọ ilé, ó fọ fèrèsé, ó ń kọrin. Inú Màmá dùn: "Ṣé o rí i? Oògùn yẹn ló ń sọ ọ́ di òkú ọ̀lẹ tẹ́lẹ̀." Aránṣọ rò ó, ó rí i pé òótọ́ ni. Kí ló tiẹ̀ ń bà á lẹ́rù? Lọ́jọ́ keje, fóònù ilé ìwòsàn pè é padà. Ó wo nọ́ńbà náà, ó pa á. Ara òun mà le.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ rẹ̀ wọlé, ó bá a nídìí ẹ̀rọ. Aṣọ oníbàárà mẹ́fà ló wà nílẹ̀, gbogbo wọn ló ti gé. Tẹ́ìpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì rọ̀ sára ìṣó níbi tó máa ń wà. Àlùmọ́gàjí rẹ̀ ń lọ nínú aṣọ keje, aṣọ Màmá fúnra rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró.

Ọkọ rẹ̀ gba àlùmọ́gàjí náà jẹ́jẹ́, ó lọ sílé ìdáná, ó bu omi sí àkísà, ó ń rẹ ìwé ara ògiri náà títí tó fi ṣí. Igun kan ya. Ó gbé èyí tó kù síwájú ìyá rẹ̀.

Màmá wọ awò ojú rẹ̀, ó ń ka ẹ̀yìn sókè. "Bí mo bá ń gé aṣọ láì wọ̀n ọ́n, àìsàn mi ti dé nìyẹn. Ẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà." Ó wo aṣọ rẹ̀ nílẹ̀. Ó kà á lọ. "Bí mo bá ti pa oògùn jẹ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ má fún mi lẹ́ẹ̀kan náà nílé, dókítà ló máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀." Màmá jókòó sórí àpótí.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," lọkọ wí.

"Lọ síbo?" Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Ara mi le! N ò lè tún gbé nǹkan kan mì láé. Ẹ̀yin Màmá, ẹ bá mi sọ fún un, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́!"

Màmá na ìwé tútù náà sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà ìsàlẹ̀.

Aránṣọ kà á. *Bí mo bá sọ pé ara mi le, ẹ má gbà mí gbọ́.*

Ó lè ní nọ́ọ̀sì ń purọ́. Ó lè ní ọkọ ò mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta nìyí? Ọwọ́ rẹ̀ ni. Bó ṣe ń kọ orúkọ sára aṣọ oníbàárà ló ṣe kọ ọ́. Ó wá ọ̀nà àbáyọ káàkiri inú orí rẹ̀ tó ń sáré, kò rí. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí orí rẹ̀ ṣì pé. Inú bí i gan-an, ó sì bú sẹ́kún.

Màmá ló mú un lọ́wọ́ dé ìdí tírélà. Ó ṣí síìpù báàgì, ó kó oògùn náà lé e lọ́wọ́ kó lè fi han dókítà. "Kí ni kí n ṣe fún ẹ, ọmọ mi?"

Aránṣọ di ikùn rẹ̀ mú. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń ti ara wọn lẹ́nu rẹ̀, ó ṣa ẹyọ kan jáde.

"Ẹ jẹ́ kí eléyìí máa pè mí ní Màmá."