Abọ́ Tó Ń Padà Wá ní Kíkún

Ìyálé fa bẹ́líìtì awọ kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì nà án síwájú fèrèsé. Awọ náà ti dẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ ń yí, tòkè ò mira. Ó gé díẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó fi ìṣó gbígbóná dá ihò tuntun sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà so ó pọ̀. Láti ọjọ́ tí ìyàwó kékeré ti wọlé ni ẹ̀rọ náà ti ń ṣàìsàn. Kò ráyè tún un ṣe, ìdáná ti gba gbogbo ọwọ́ rẹ̀.

Òfin ilé ò le. Ọjọ́ méjì fún ìyálé, ọjọ́ méjì fún ìyàwó. Ẹni tó bá dáná ni yóò gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ wọn tó jẹ́ káfíńtà, òun náà ni yóò sùn ní yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìyálé, ìyàwó a rọra gbé "nǹkan kékeré" pàdé ọkọ lẹ́nu ọ̀nà. Káfíńtà náà a jẹ ẹ́ yó, abọ́ ìyálé a sì padà wá ní kíkún. Ìyálé ti fi ẹran ńlá jà. Ó ti fi ata jà. Ohun tí ìjà náà bí kò ju ikùn ọkọ wọn lọ, èyí tó ti ń ṣáájú ẹni tó ni ín wọlé báyìí. Ìjọsí ni ìyálé bá ara rẹ̀ níbi tó gbé etí lé ògiri, tó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ojú ara rẹ̀ tì í.

"Ìyá wa, ẹ ò tíì dáná? Tiyín mà ni lónìí."

Ìyàwó ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, abọ́ tó ní ọmọrí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀. Kí lo wá sè?"

"Nǹkan kékeré ni, Mà. Kí ebi má baà pa wọ́n."

"O ṣeun. Ẹni tó bá bọ́ ọkọ wa ló ni ọjọ́. Ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ ni o, kì í ṣe ibi tó dùn nìkan. Gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná. Lọ aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́la. Fi òróró ra ẹ̀yìn rẹ̀. Kí o sì jókòó gbọ́ ọ bó ṣe ń ro ẹjọ́ oníbàárà tó ní ẹsẹ̀ tábìlì òun ò dọ́gba, títí oorun yóò fi gbé e."

Ọkọ wọlé, ó bá ààrò tútù. "Ṣé o kọ̀ mí ni?"

"N ò kọ ẹnì kankan. Ẹni tó gba ìdáná lọ́wọ́ mi ni mo kó iṣẹ́ mi fún. Ọjọ́ tí abọ́ mi bá máa padà wá lófìfo, ẹ pè mí."

Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì yí.

Kò dùn mọ́ ọn. Ibùsùn rẹ̀ fẹ̀ jù, yàrá rẹ̀ sì dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbé etí lé ògiri mọ́. Ó gba iṣẹ́ aṣọ ọmọge kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ó sì ń rán an.

Kò pẹ́ tí ìyàwó fi ń sùn lórí ìdúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, áyọ́ọ̀nù ti jó o lọ́wọ́.

"Ìyá wa, ó ti sú mi. Ẹ máa gba ọjọ́ yín."

"Kí ló dé tó o fi ń sè é tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀rù ni. Bí ilé bá ti dákẹ́ lọ́jọ́ tiyín, màá máa rò pé wọ́n ti gbàgbé mi."

Ẹ̀rọ dúró. "Ẹ̀rín yín ni èmi ń gbọ́ ní tèmi," ni ìyálé wí. "Mi ò ní bá ọ sunkún, mi ò sì ní bá ọ jà mọ́. Ní ọjọ́ mi, má se nǹkan kan fún un, kódà omi tíì. Ní tìrẹ, mi ò ní yọjú. Ìwọ gan-an ni yóò sì sọ fún un."

"Èmi kẹ̀?"

"Ṣé èmi ni mo gbé abọ́ pàdé e lẹ́nu ọ̀nà ni?"

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, bí kò tilẹ̀ fẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. "Tìyá wa ni lónìí," ló wí fún ọkọ wọn. "Kò sí nǹkan kékeré mọ́."

Káfíńtà fi ìka kan ilẹ̀kùn ìyálé, ohun tí kò ṣe rí.

"Ebi ń pa mí o."

"Oúnjẹ wà lórí tábìlì. Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, ó ku etí aṣọ yìí."

Ó rán etí aṣọ náà yíká, ó já òwú, ó gbé e kọ́. Aṣọ náà balẹ̀ gbọọrọ, kò sí ibi tó wú. Ìyàwó yọjú, ó fọwọ́ kàn án.

"Ìyá wa, ẹ óò rán irú rẹ̀ fún mi?"

"Bó o bá máa sanwó bíi gbogbo oníbàárà."

Ìyálé bọ́ sí pálọ̀. Ọkọ wọn ń fi ìka nu ìsàlẹ̀ abọ́.