Ta Ló Jẹ Èrè Èṣí?

Ohun mẹ́ta ló bàjẹ́ lọ́jọ́ Ajé yẹn ní ibodè Nakonde. Dọ́là kan já wálẹ̀ sí méjìlélógún kwácha, owó ilẹ̀ wọn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà kwácha pòórá nínú owó tí Ìyá Kunda fi pamọ́. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọ sì yọ orúkọ Kunda, ọmọ rẹ̀, kúrò lára àwọn tí wọn yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, nítorí pé irin tí wọn yóò kàn mọ́ egungun itan rẹ̀ kò tíì sí nílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni oníṣẹ́ abẹ náà máa ń ti Lusaka wá, ọjọ́ Ẹtì ni yóò sì padà. Aláìsàn ló ń ra irin fúnra rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kwácha ni wọ́n sì ń tà á. Egungun ọmọ náà ti jinná lódì lẹ́yìn tí tírélà gbá a. Bí ọdún yìí bá fi lè kọjá, dókítà ti sọ ọ́ láìfepobọyọ̀ pé kò ní ṣeé tún tò mọ́. Kunda yóò máa wọ́ ẹsẹ̀ náà títí dé sàréè.

Nítorí ẹsẹ̀ yìí ni Ìyá Kunda fi ta màlúù kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, tó fi èrè ìresì tó ń rà wá tà láti Mbeya kún un, tó sì kó ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gbọ̀n kwácha fún Bàbá Mapalo ní oṣù Ṣẹ́rẹ́: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fún irin, méjì fún ọkọ̀ àti oúnjẹ. Bàbá Mapalo ni àgbà nínú àwọn tó ń ṣẹ́ owó lábẹ́ agbòòrùn ní ẹnu ibodè, àgbà ìjọ sì ni pẹ̀lú. Ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn obìnrin oníresì máa ń fi owó sí níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Wọn a gbà á padà lẹ́yìn ìkórè. Iye tí wọ́n bá kó fún un náà ló máa ń kà lé wọn lọ́wọ́, kò sì gba kọ́bọ̀ fún wàhálà rẹ̀. Wọ́n ń gbàdúrà fún un nítorí èyí.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, ẹgbẹ̀rún méjìlélógún ló kà lé Ìyá Kunda lọ́wọ́.

Obìnrin náà tún un kà. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Bàbá Mapalo, ó dà bíi pé ẹ ti ṣì í kà."

"N kò ṣì í kà. O kò gbọ́ rédíò ni? Kwácha ti lágbára. Wọ́n ní bàbà tí à ń tà ń wọ́n lókè òkun, òjò sì dára. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń yọ̀."

"Kí ló kan owó mi níbẹ̀? Kwácha ni mo kó fún yín."

"Dọ́là ni mo sọ ọ́ dà. Nígbà tí o kó o wá, mò ń ta dọ́là kan ní kwácha méjìdínlọ́gbọ̀n. Owó rẹ ra ẹgbẹ̀rún dọ́là gééré. Lónìí, méjìlélógún ni mò ń rà á padà lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìlélógún, òun ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn."

Chola, tó ń ṣẹ́ owó lábẹ́ agbòòrùn kejì, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin ìyá oníresì, ẹ ò gbọ́ ni? Dọ́là tó ń fò bí àwòdì ti já lulẹ̀ bí ọ̀mùtí. Bí ẹ bá fẹ́ rà báyìí, mẹ́tàlélógún ni. Bí ẹ bá rà, tí ẹ yíjú padà tà á fún mi, kwácha kan ti di tèmi lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan. Àárín ìrà àti ìtà ni à ń jẹ, ìyá."

"Chola, pa ẹnu rẹ mọ́," ni Bàbá Mapalo wí. Ó yíjú sí obìnrin náà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Kunda, òfò kò tíì di òfò bí ènìyàn kò bá tíì tà. Dá kwácha yẹn padà, kí n kó ẹgbẹ̀rún dọ́là rẹ fún ọ. Lọ fi pamọ́. Láti kékeré mi, n kò rí i kí dọ́là ṣubú kó má dìde. Ní ọdún tó ń bọ̀, ìwọ yóò wá dúpẹ́."

"Ẹsẹ̀ Kunda ni kí n sọ fún pé kó dúró de dọ́là?"

Ọkùnrin náà tún agbòòrùn rẹ̀ ṣe. Tírélà tó kó bàbà kọjá, eruku bo gbogbo wọn.

"Ta ló ní kí ẹ sọ owó mi di dọ́là?" ni obìnrin náà tún bèèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Bàbá Mapalo. Ó lu àyà. "Àṣé o rò pé òmùgọ̀ ni mí! Ta ló ń tọ́jú kwácha ní kwácha? Tòmátì ni kwácha, bó bá pẹ́ nílẹ̀, yóò rà. Ó pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gba owó yín, kò sí ọdún kan tí n kò sọ ọ́ di dọ́là. Béèrè lọ́wọ́ Chola!"

"Òótọ́ ni," ni Chola wí. "Èmi fúnra mi ni mo ta dọ́là fún Bàbá Mapalo léṣìí, níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ogún kwácha ni ọ̀kan nígbà náà."

Ìyá Kunda gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. Léṣìí, ogún ẹgbẹ̀rún ló kó fún ọkùnrin yìí. Ogún ẹgbẹ̀rún ló sì gbà padà, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ọpẹ́.

"Chola, èló ni ẹ ń ra dọ́là padà léṣìí, nígbà ìkórè?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Chola. Ó wo Bàbá Mapalo, ó wo ilẹ̀. "Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìyá."

Àwọn obìnrin oníresì tó ń kọjá ti dúró. Ọ̀kan ti sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó ń fi ìka ṣírò tirẹ̀.

"Èmi ni mo forí la ewu," ni Bàbá Mapalo wí, ohùn rẹ̀ sì ti fúyẹ́. "Olè wà, ọlọ́pàá wà. Èrè wàhálà mi ni."

"Ṣé ìwọ̀nba ọdún tó lérè ni ewu jẹ́ tiyín? Lọ́dún tí dọ́là gòkè, ẹ ní kwácha ni mo kó wá, ẹ sì dá kwácha mi padà. Lọ́dún tó ṣubú, ẹ ní dọ́là ni mo ní. Bàbá, owó kan kì í bímọ fún yín kó wá kú mọ́ èmi lọ́wọ́."

"Ìyá Kunda, jẹ́ ká lọ sínú ilé sọ ọ́. Àgbà ìjọ ni mí."

"Níta ni ẹ ti ka owó fún mi, níta ni a ó ti parí rẹ̀." Ó na owó náà síwájú. "Bí ó bá jẹ́ kwácha ni ẹ bá mi tọ́jú, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni ẹ jẹ mí lọ́dún yìí. Bí ó bá jẹ́ dọ́là ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà èrè tó lé lórí ogún tí mo gbà ni ẹ jẹ mí láti èṣí. Ẹ mú èyí tó bá wù yín, Bàbá Mapalo, iye kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ kà á sí mi lọ́wọ́ báyìí, kí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ilé ìwòsàn tó gbéra."