Òróró Ilé Oúnjẹ Jethro

Ta ni wọ́n máa fi irú ìyà yẹn jẹ tí á dákẹ́? Èmi Tinúadé ni mo wá Alhaji Yàkúbù rí ní Ìlọrin, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà láti máa ra kajú lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Kábà. Lọ́jọ́ ìpàdé, Josiah tá a jọ wà ní ọ́fíìsì dìde, ó ní òun lòun ṣe gbogbo ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un! Ẹni tí Alhaji bá sì fọwọ́ sí ni ẹgbẹ́ máa fi ṣe alábòójútó kajú. Ipò yẹn, tèmi ni.

Josiah tún wá bá mi. "Tinú, wá ibi tá a ti máa gbé Alhaji jẹun lọ́sàn-án ọ̀la. Kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kì í mutí o."

Mo ní kò burú. Nínú mi, mo ní ọwọ́ mi lo bọ́ sí yìí.

Juliet tó ń dáná lẹ́bàá ọ́fíìsì wa kì í ta ọtí, ẹlẹ́dẹ̀ ò wọ ìkòkò rẹ̀ rí, ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí ló sì ti ń ra ẹran. Mo kọjá níwájú rẹ̀, mo lọ sí ilé oúnjẹ Jethro. Jethro ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. "Àǹtí, mo lè kó bíà kúrò nílẹ̀, àmọ́ òróró kan náà la fi ń dín ẹja àti ẹlẹ́dẹ̀." Mo ní kó dín ẹja fún ẹni mẹ́ta. Mo mọ Josiah, kò ní ṣàì sọ pé òun lòun yan ibẹ̀.

"Okun o, Alhaji!" Josiah ló ń kí i bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kábà, lọ́jọ́ kejì. "Èmi fúnra mi ni mo yan ibí, mo wádìí ẹ̀ dáadáa."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹja dé, Alhaji ṣe bísímílláì, ó nawọ́. Mi ò burú débi pé kí n jẹ́ kó kan ẹnu rẹ̀. Mo ní, "Alhaji, ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ ká béèrè òróró tí wọ́n fi dín in."

Wọ́n pe Jethro, ó sọ òótọ́. Alhaji fa ọwọ́ padà wéré. "Josiah, o ní o wádìí?" Josiah ń kálòlò. Ha, ó dùn mọ́ mi nínú! Ó tọ́ sí i, ó tún kéré!

Àfi bí Jethro ṣe kọjú sí mi. "Àǹtí, ṣebí mo sọ fún yín lánàá? Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n dín in."

Alhaji yíjú sí mi. Mo ní, "Alhaji, ṣebí mo dá yín dúró?"

Ó ní, "Òpùrọ́ ni Josiah. Òpùrọ́, mo lè máa ṣọ́ ọ. Ìwọ tó o lè fi oúnjẹ mi gbẹ̀san lára ẹlòmíì, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣọ́ ọ?"

Ó ní kí Josiah dìde kí wọ́n máa lọ. Josiah, olè yẹn, òun ni alábòójútó kajú báyìí.